Òfo Kọ́ Ni Ohun Tí A Kò Lè Kà

Àpótí kẹsàn-án ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí mẹ́rìnlá, mẹ́wàá níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ohun tí wọ́n sì tẹ̀ sókè àpótí kẹsàn-án ni: "Ẹni tí ẹgbẹ́ yóò pè bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú." Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wá sí Abidjan, àti àwọn tí wọ́n bí síbí bíi tiwa, ló ni fọ́ọ̀mù yìí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú sí ilẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ ló ń sìnkú rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àpótí kẹsàn-án ni wọ́n sì ń pè kó wá dúró ti òkú, kó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àti ẹrù rẹ̀. Wọn kì í fún ẹlòmíràn, ìbáà sunkún ju ọlọ́fọ̀ lọ.

Èmi ni wọ́n gbà láti máa tẹ àwọn àpótí yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ìtàn, mo sì ti jókòó sílé fún ọdún kan àbọ̀ kí n tó rí iṣẹ́ náà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá wa kò sì tíì sọ bóyá yóò dá mi dúró tàbí yóò ní kí n máa lọ. Mo máa ń jí lóròòru láti ka ọjọ́ tó kù, bí ẹni pé kíkà yóò mú un pọ̀ sí i.

Yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì ní Siporex, ní Yopougon, ni ọ́fíìsì wa. Láti àárọ̀ ni àwọn tó ń pe èrò sínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú yìí, ti ń pariwo "Adjamé, Adjamé" lábẹ́ fèrèsé wa. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Savè ní Benin, tí wọ́n bí i sí Treichville. Èdè wa ló fi rí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà gbà: ó sọ fún wọn pé òun ní ọmọ Ànàgó kan tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ Yorùbá. Èmi ni ọmọ Ànàgó náà. Ẹnì kejì mi ni obìnrin Jula kan tó ti ń tẹ̀wé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. "La diplômée", ọlọ́yè yunifásítì, ló máa ń pè mí, pàápàá nígbà tí mo bá tẹ nǹkan tí kò dára.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. Àwa méjèèjì ni a ń tẹ fọ́ọ̀mù kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láì wo ojú kọ̀ǹpútà ara wa. Ẹ̀rọ á wá fi tèmi wé tirẹ̀, níbi tí wọn kò bá ti dọ́gba, a ó padà sí àwòrán fọ́ọ̀mù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nǹkan kan sínú àpótí, a ó tẹ àmì tó túmọ̀ sí òfo. Bí ìkọ̀wé bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kò lè mú un, a ó tẹ àmì mìíràn, tó túmọ̀ sí pé kò ṣeé kà. Àmì méjì ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, obìnrin Jula náà fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tí mo bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù, kí n má gbàgbé ìyẹn.

A kò rí ìwé gan-an. Àwòrán ni ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́. Wọ́n ti kó fọ́ọ̀mù 611 lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì kan ní Adjamé, níbi tí wọ́n ti ya wọ́n ní dúdú àti funfun kó má bàa wúwo jù láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Nígbà tí mo ṣí èyí àkọ́kọ́, àpótí kẹsàn-án dúdú. Mo ṣí ìkejì, òun náà dúdú. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ni, róbótó bí ìdérí ìkòkò kékeré, ó jókòó gẹ́rẹ́ sórí orúkọ. Mo rò pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í wà ní ibì kan náà nígbà ogójì. Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ń lù ú síbẹ̀.

Nínú púpọ̀ lára àwọn fọ́ọ̀mù yẹn, òǹtẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, a sì rí orúkọ kà. Ṣùgbọ́n nínú 143, kò sí lẹ́tà kan tó yọjú.

Mo mú iye náà lọ bá ọ̀gá wa. Ó ń jẹ búrẹ́dì tó gbóná, ó sì ń fi ọwọ́ kan yí fóònù.

"Kọ òfo sí i," ó ní.

"Kò ṣófo, ọ̀gá. Wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀."

"Ṣé o rí ohun tí wọ́n kọ?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, kí ló kù? Gbọ́, àbúrò mi. Tí a bá ní òfo ni, àwọn ni kò kọ nǹkan kan. Tí a bá ní a ò lè kà á, àwa ni a ò mọ iṣẹ́. Bàbá akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn á kó iṣẹ́ ẹ̀ lọ fún àwọn atẹ̀wé Marcory."

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, nítorí mo mọ̀ pé ó lè dà bí ìgbéraga. Mo ń ronú ìyá mi, àti ọdún kan àbọ̀ tí mo fi jókòó sílé tí kò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ìgbà wo ni n óò rí iṣẹ́. N kò fẹ́ bá ọ̀gá jà. Ṣùgbọ́n mo rí ọkùnrin kan lọ́kàn mi tó kú sí yàrá rẹ̀ ní Abobo, tí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sọ pé: òfo. Pé kò ní ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kọ orúkọ ẹni kan síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

"Òfo túmọ̀ sí pé ẹni náà ò lẹ́ni," ni mo sọ.

"Ó dáa. Wo àpótí keje. Orúkọ ìyàwó tàbí ọkọ wà níbẹ̀, kò sí òǹtẹ̀ lórí ẹ̀. Mú un, gbé e sí ìkẹsàn-án. Ta lèèyàn máa ní kí wọ́n pè ju ìyàwó ẹ̀ lọ?"

"N kò mọ̀, sà."

"Èmi mọ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́."

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Obìnrin Jula tó wà lẹ́yìn mi dáwọ́ títẹ̀ dúró.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Fọ́ọ̀mù màmá ẹ wà níbẹ̀, àbí? Àti pé òǹtẹ̀ bo tiẹ̀ náà. Kí lo máa tẹ̀ síbẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ṣé ìyẹn náà ò ṣeé kà?"

Òun náà ti wo àwòrán náà. Ìyá mi, aránṣọ ní Port-Bouët, ọmọ ẹgbẹ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé. Mo ti rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lánàá. Mo ti wò ó pẹ́. Ó dá mi lójú pé orúkọ mi ló wà lábẹ́ dúdú yẹn, ó sì dà bí ẹni pé n óò gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo bá fi etí sí i.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ni mo ní. "Mo tẹ̀ pé kò ṣeé kà."

Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́. Ó wá ní, "Kọ lẹ́tà ẹ, nígbà náà. Fi orúkọ ara ẹ sísàlẹ̀, kì í ṣe tèmi. Tí wọ́n bá kó iṣẹ́ wọn lọ, má wulẹ̀ wọ gbaka wá síbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìbínú nínú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ gùn tó ojú ìwé méjì. Mo tọrọ àforíjì nígbà mẹ́fà nínú rẹ̀. Mo sọ pé a mọ wàhálà tí wọ́n ṣe, pé ó dùn wá, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má rò pé a kò gbìyànjú. Obìnrin Jula náà kà á lórí èjìká mi. Ó fi Faransé bi mí pé, "Ta ló kú?" Ó ní bàbá akọ̀wé tó ń ta kọ́kọ́rọ́ yẹn kò nílò omijé mi, ohun tó nílò ni nọ́ńbà àpótí. Ó jókòó padà. Mo pa àforíjì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Mo pa ìkẹfà, mo dá a padà, mo tún pa á.

Faransé ni mo fi kọ ọ́. Ní Yorùbá, ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Nínú fọ́ọ̀mù 611 tí ẹ fi ránṣẹ́, àwọn àpótí wọ̀nyí ni a kò lè tẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Àpótí kẹsàn-án, fọ́ọ̀mù 143. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà lórí orúkọ. Ẹ ya àwọn fọ́ọ̀mù ní dúdú àti funfun. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kò sí àwọ̀ mìíràn: yíǹkì búlúù tí wọ́n fi kọ̀wé àti yíǹkì àlùkò tí ẹ fi lu òǹtẹ̀ ti di dúdú kan náà, a kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àpótí kẹfà, nọ́ńbà fóònù, fọ́ọ̀mù 38. Etí ìwé ká nígbà tí wọ́n ń yà á, ó bo nọ́ńbà tó kẹ́yìn.

Àpótí kẹwàá, agboolé nílé, fọ́ọ̀mù 21. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì dúdú tó kí ẹ̀rọ mú un. Ó ti di funfun, àyàfi ipa díẹ̀.

Àpótí kọkànlá sí ìkẹrìnlá, fọ́ọ̀mù 64. Wọn kò ya ẹ̀yìn ìwé. A kò mọ̀ bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

A kò kọ òfo sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí, nítorí wọn kì í ṣe òfo. A kò sì fi ohun tó wà nínú àpótí mìíràn dí wọn. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kó ìwé gan-an wá, kí a tún wọn yà ní àwọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Èyí tí a kò bá lè kà síbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Nọ́ńbà gbogbo wọn wà nínú àkọsílẹ̀ tó bá lẹ́tà yìí wá."

Mo fi orúkọ mi sísàlẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Mo wá lọ dúró sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìgbà tó pẹ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ kejì, kí ó tó di ọ̀sán, bàbá akọ̀wé ẹgbẹ́ dé. Ó ń ta àgádágodo, ìdè ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ ní Adjamé. Ó wọ agbádá funfun, ó gbé àpò ìrẹsì ńlá kan sí èjìká fúnra rẹ̀, ìwé ló kún inú rẹ̀. Òkè ilé wa ga. Ó mí, ó jókòó, ó gbé àpò náà sáàárín ẹsẹ̀.

"Ta ló kọ lẹ́tà?"

Ọ̀gá wa nawọ́ sí mi bí ẹni tó ń nawọ́ sí ibi tí omi ti ń jò. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Dìde, dìde. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ orúkọ ìyá mi fún un, àti pé Port-Bouët ni a ń gbé.

"Ọmọ aránṣọ. Èmi ni mo gba bàbá ẹ sí ẹgbẹ́." Ó fa nǹkan yọ láti inú àpò agbádá: òǹtẹ̀ náà gan-an, tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó gbé e sórí tábìlì mi. "O ní òǹtẹ̀ mi bàwé jẹ́."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, bàbá. Mo ní ó wà lórí orúkọ."

"Orí orúkọ ni mo fi í sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ṣé o mọ ìdí?"

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó ti pẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan kú ní Treichville. Ẹni tó ń bá a gbé yàrá fi abẹ fá orúkọ tó wà nínú ìwé, ó kọ ti ara rẹ̀ síbẹ̀, ẹgbẹ́ sì gbé gbogbo ẹrù òkú fún un. Nígbà tí àbúrò òkú fi máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kò bá aṣọ kan. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń lu òǹtẹ̀ lé orúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fá a, òǹtẹ̀ á bàjẹ́, gbogbo ènìyàn á sì rí i.

"Àgádágodo ni mò ń tà," ó ní. "Mo ti ìwé wọn pa."

Ó bọ́gbọ́n mu. Ohun tó dùn mí nìyẹn, pé ó bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ń mi orí, ó ń wá ọ̀nà láti sọ pé àwa la ṣàṣìṣe. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ ní àkókò yẹn, n óò ríṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Ẹ tì í pa dáadáa, bàbá," mo ní. "Ẹ tì í pa mọ́ ara yín náà."

"Báwo?"

"Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan."

Ọ̀gá ló dáhùn, kíá. "Kí a wo ti màmá ẹ. Bàbá, ọmọbìnrin yìí tẹ̀ pé òun ò lè ka ti ìyá òun. Ìyá tó bí i. Ọmọ kan ṣoṣo."

Bàbá akọ̀wé wò mí. "Ṣé o ò mọ ẹni tí ìyá ẹ á pè ni?"

"Mo rò pé mo mọ̀," ni mo ní. "Ẹ kò ní kí n tẹ ohun tí mo rò."

Ó tú àpò. Ó yára ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ó to ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n wọlé. Ó fa ti ìyá mi yọ. Mo gbà á, mo gbé e lọ síwájú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Lórí ìwé gan-an, òǹtẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ìkọ̀wé ìyá mi sì jẹ́ búlúù. Méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, ojú sì lè tẹ̀ lé búlúù bí ẹni ń tẹ̀ lé òwú lára aṣọ aláwọ̀ púpọ̀.

Orúkọ mi kọ́.

Orúkọ àbúrò ìyá mi ni, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ti rí lẹ́ẹ̀mejì péré láyé mi.

Ní ìsàlẹ̀ wọ́n ń pe Adjamé. Mo fún bàbá ní ìwé, ó kà á, ó fún ọ̀gá, ọ̀gá kà á. Ojú ń tì mí, nítorí mo ti dá ara mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú mi tó le bí irin ní wákàtí yẹn. Èmi tí wọ́n bí láti inú obìnrin náà, èmi náà ìbá ti tẹ irọ́.

"Mélòó nínú wọn lẹ ti gbé láti àpótí mìíràn?" ni bàbá bi ọ̀gá wa.

"A ò gbé ìkankan, bàbá," ni ọ̀gá wa dáhùn. Òtítọ́ ni. N kò fi ojú wò ó.

Bàbá di ẹnu àpò padà. "Ẹ yà wọ́n ní àwọ̀. Iwájú, ẹ̀yìn. Èyí tí òǹtẹ̀ mi bá ti pa tán, èmi ni n óò pè wọ́n wá kọ tuntun." Ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n n óò lù ú. Ìwé tí kò lóǹtẹ̀ kì í ṣe ìwé."

Ó fa fọ́ọ̀mù òfìfo kan jáde kó fi bí yóò ṣe máa lù ú hàn wá, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ tààrà síbi tó ti ń lọ láti ọdún wọ̀nyí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpótí kẹsàn-án.

"Kì í ṣe ibẹ̀, bàbá."

Òǹtẹ̀ dúró lókè ọwọ́ mi. Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí. "Ọmọ aránṣọ, ìwọ lágídí o."

"Ẹ fi etí rẹ̀ kan ìlà ìparí orúkọ nìkan. Tí wọ́n bá kọ nǹkan mọ́ ọn, yóò hàn. Orúkọ á sì mọ́."

Ó rò ó. Ó sún òǹtẹ̀ sọ́tùn-ún, ó lù ú.

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá wa padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀ tó ti tutù. Láì gbójú sókè, ó ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ mi wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fẹ́ fi kọ ìwé iṣẹ́ mi. Ó ní, "Kí lẹ́tà ẹ tó ń bọ̀ máà gùn tó yẹn." Kò gùn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún ìyá mi. Ó ń rán etí ṣòkòtò, kò dá ẹ̀rọ dúró. Bàálù kan kọjá lórí ilé wa, a dúró kó lọ tán, bí a ṣe máa ń ṣe ní Port-Bouët, nítòsí pápákọ̀ òfurufú.

"Kí ló dé tí kì í ṣe èmi?" ni mo bi í.

"Ìwọ?" Ó já òwú. "Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ pé mo kú, wàá kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn bó ṣe ń ṣe ọ́. Wọ́n á ti sin mí tán kí o tó dé àárín ọ̀rọ̀. Àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀. Á kàn wọkọ̀ wá ni."

Mo fẹ́ bínú. Mo bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ni àpótí náà, òun ló sì kọ ohun tó wù ú síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn àwòrán aláwọ̀ dé orí kọ̀ǹpútà wa. Nígbà tó kan fọ́ọ̀mù ìyá mi, mo tẹ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí àpótí kẹsàn-án, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ibi tó ti gbàgbé àmì ohùn. Obìnrin Jula tẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, láì wo tèmi. Ẹ̀rọ fi méjèèjì wé ara wọn. Wọ́n dọ́gba. Mo ṣí èyí tó kàn.